Igun Oko Kòkó Kan, Ìgbà Mẹ́rin

Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2023 nítorí igbó tí wọ́n ń pa run ti kan àgbẹ̀ kòkó wa ní Ìdànrè. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ gbọ́dọ̀ ní àwòrán ààlà tó yí i ká. Ìdí nìyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbé fóònù kiri oko, tí wọ́n ń gba àmì jípíẹ́ẹ̀sì ní igun kọ̀ọ̀kan.

Ní gbangba, fóònù lè fi nǹkan bíi mítà 5 ṣìnà. Lábẹ́ kòkó, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé àmì sátẹ́láìtì ń kọlu ewé àti ìtì igi kó tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀nà rẹ̀ gùn sí i, fóònù á sì rò pé sátẹ́láìtì jìnnà ju bó ṣe wà lọ. Ẹlòmíràn á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì, á wá ìpíndọ́gba wọn. Gbogbo wọn á ṣù jọ, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì kan náà àti igi kan náà ló bá wọn wí. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń pín. Ilé iṣẹ́ Garmin gba àwọn tó ń lo ẹ̀rọ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba àmì ní ìgbà 4 sí 8, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó tó ìṣẹ́jú 90, ó kéré tán, láàárín ọ̀kan sí èkejì. Lákòókò yẹn, àwọn sátẹ́láìtì á ti ṣípò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò igun kan. Ẹ yan UTM lórí fóònù kí òǹkà lè jẹ́ mítà. Ká ní ìparí òǹkà ti ìlà-oòrùn jẹ́ 12, 18, 15 àti 11, ti àríwá sì jẹ́ 43, 40, 46 àti 47. Ìpíndọ́gba jẹ́ 14 àti 44. Ibẹ̀ la ó fi ṣe igun. Ẹ wo bí òǹkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba rẹ̀, ẹ fi ìyàtọ̀ náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 60. Ẹ fi 3 pín in, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ lọ dín ẹyọ kan: 20. Òǹkà tó sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fún wa ní 20 jẹ́ nǹkan bíi 4.5. Bí àmì ẹyọ kan ṣe lè ṣìnà tó nìyẹn, ní mítà. Ìgbà mẹ́rin tí a lọ yóò dín in kù sí ìdajì, nǹkan bíi mítà 2.2.

Ìyẹn tó fún àwòrán oko. Kò tó láti parí ìjà ààlà, torí mítà 3 péré ni a sábà ń fi sáàárín igi kòkó kan sí èkejì. Ẹ pe awọnlẹ̀ fún ìyẹn.

Àṣìṣe kan tún wà tí ìṣirò yìí kò lè rí: èyí tó ń ti gbogbo àmì sí apá kan náà. Ẹ gbé fóònù lọ sórí òpó kọnkéré awọnlẹ̀ tí òǹkà rẹ̀ wà nínú ìwé plánì, kí ẹ fi wéra. Bí ìyàtọ̀ bá ju mítà 100 lọ, ó ṣeé ṣe kí plánì náà wà lórí ìwọ̀n Minna tí àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ń lò, nígbà tí fóònù ń lo WGS 84. Ẹ yí ọ̀kan padà sí èkejì kí ẹ tó tún wọn fi wéra. Bí mítà mélòó kan bá ṣẹ́ kù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú 2.2 yẹn.