Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Háṣítáàgì Lórúkọ

Nígbà tí Chris Messina, ará Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, bi àwọn ènìyàn léèrè lójú Twitter ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2007 pé kí ni wọ́n rò sí i bí a bá ń fi àmì # kó ọ̀rọ̀ tó jọra jọ, kò ní ohun mìíràn lọ́kàn ju pé kí àwọn tó ń bọ̀ sí ìpàdé kan náà lè rí ọ̀rọ̀ ara wọn láàárín ariwo ọjà. #barcamp ni àpẹẹrẹ tó fi lélẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò kọ́kọ́ kà á sí. Ó di ọdún 2009 kí wọ́n tó sọ àmì náà di ohun tí a lè fọwọ́ tẹ̀, kí ó sì gbé wa lọ síbi tí gbogbo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Háṣítáàgì ni gbogbo ayé ń pè é lónìí. Mo mú ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé ohun tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé: ìsọ̀ ọjà ni, níbi tí aláta ti ń bá aláta pàtẹ, tí ẹni tó fẹ́ ra ata yóò fi mọ ibi tí òun yóò yà sí; kì í ṣe iyọ̀ tí a ń bù sí ọbẹ̀ kí ó lè dùn.

Ní òpin ọdún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tó ń rẹ aṣọ ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ bá mi wo èyí kí n tó gbé e sójú Instagram.” Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ tó fẹ́ tà, irú èyí tí àwọn aláró ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó tò lára rẹ̀ gbọọrọgbọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ àwòrán náà kò ní àbùkù: “Ìbàdàndùn nìyí, ẹ̀kọ la fi kọ ọ́, aró la fi rẹ ẹ́; ọ̀pá márùn-ún, ó ti gbẹ, ó ti ṣe tán.” Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbólóhùn méjì yìí ni háṣítáàgì 27 tò tẹ̀ lé ara wọn bí èrò tó ń wọ́ lọ sí òde ìgbéyàwó: #love, #fashion, #instagood, #followme, #BBNaija, àti àwọn mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Mo ní ta ló kọ́ ọ ní èyí? Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni ó kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni oníbàárà yóò ṣe pọ̀ tó.

Òtítọ́ ni pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, n kò sì bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tí mo ní kí ó ṣe ni pé kí ó pa gbogbo wọn rẹ́ ná, kí ó ka gbólóhùn rẹ̀ sókè láìsí háṣítáàgì kankan. Bí ọ̀rọ̀ kò bá lè dá dúró láìsí wọn, kì í ṣe háṣítáàgì ni yóò gbé e dìde. Èyí dá dúró dáadáa. Nígbà náà ni a wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò: a ń tẹ háṣítáàgì kọ̀ọ̀kan sínú ibi ìwádìí, a ń ṣí i, a sì ń wo ohun tó wà níbẹ̀, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

A ṣí #fashion, a rí i pé òkun ni. Bí a ti ń wò ó ni àwòrán tuntun ń ya lé èyí tó ṣáájú, ọ̀pá àdìrẹ márùn-ún tí a bá sì sọ síbẹ̀ yóò rì kí ẹni tó sọ ọ́ tó mí kanlẹ̀. A ṣí #Ibadandun, èyí tó dá a lójú jù lọ nítorí pé orúkọ aṣọ rẹ̀ gan-an ni. Ohun tó pàdé wa níbẹ̀ ni àwo àmàlà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó lóru, àti ọkùnrin kan tó ń fi ọkọ̀ tuntun ṣe yàngà. Ìlú dùn mọ́ wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wá aṣọ wá síbẹ̀. A wá ṣí #Adire: aṣọ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á. A ṣí #AdireEleko: èrò ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí tí a fi ẹ̀kọ kọ àti èyí tí a fi ìko dì ni wọ́n. Ibi méjèèjì yìí ni aṣọ náà ti ní ará.

Ní ti #BBNaija, mo bá a wí díẹ̀. Háṣítáàgì tí ariwo ń sọ lé lórí lọ́sẹ̀ kan ní ìdí tí àwọn olówó rẹ̀ fi péjọ, ẹni tó bá sì gbé igbá ọjà wọ àárín wọn lè bá ẹ̀tẹ́ bọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà ń fi #WhyIStayed sọ ìdí tí wọ́n fi pẹ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń lù wọ́n. DiGiorno, tó ń ta písà, kò wo inú rẹ̀, ó kàn rí i pé ó ń jà ràn-ìn, ó bá kọ ọ́ pé torí písà ni. Kíá ni ó pa á rẹ́, tó ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ ẹni gbogbo. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá ti ná an láti ṣí i wò.

Ó wá ku iye. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Instagram gba 30 láyè nínú àtẹ̀jáde kan, àyè yìí ni ọ̀pọ̀ sì kà sí àṣẹ pé kí a kún un. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 àwọn tó ni ilé náà fúnra wọn ní 3 sí 5 tó. Twitter, tí à ń pè ní X báyìí, ti pẹ́ tó ti ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó má ju 2 lọ, èyí sì yé ni, nítorí pé inú àmì-ọ̀rọ̀ 280 kan náà ni háṣítáàgì àti ọ̀rọ̀ jọ ń gbé. YouTube ló le jù: bí ó bá kọjá 60 lórí fídíò kan, kò ní ka ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ sí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. A fi mẹ́rin sílẹ̀ fún ọmọ mi yìí: #Adire, #AdireEleko, #AdireIbadandun, àti orúkọ ìsọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo nígbà tí a ṣí i. A fi í sílẹ̀ kí ó lè jẹ́ pẹpẹ tí yóò máa to irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan ti tó, torí pé ìsọ̀ tí kò sí èrò kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún ọjà òòjọ́.

Bí a ṣe kọ wọ́n ní ìdí tirẹ̀. Ẹ̀rọ kì í wo lẹ́tà ńlá tàbí kékeré láti mọ ibi tí yóò kó ọ̀rọ̀ sí, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ń wò ó. Nígbà tí Margaret Thatcher kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, #nowthatchersdead tàn káàkiri, àwọn kan sì bú sẹ́kún pé Cher olórin ló kú, nítorí pé kò sí lẹ́tà ńlá tó fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti pín hàn wọ́n. Àwọn tí kò ríran, tí fóònù ń ka ọ̀rọ̀ sí létí, ló ń jẹ ìyà èyí jù. #AdireEleko rọrùn fún ẹ̀rọ wọn láti pín sí méjì ju #adireeleko lọ. Ẹ ṣọ́ àmì ìdápín pẹ̀lú: ẹni tó bá kọ #Adire-Eleko, #Adire nìkan ni yóò ṣeé tẹ̀, ìyókù yóò di ọ̀rọ̀ lásán, àlàfo náà sì ń gé e bẹ́ẹ̀.

Àwa Yorùbá ní ìṣòro tiwa lọ́tọ̀, n ó sì dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ tó gbé àmì òkè lórí kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan. Lẹ́tà kan àti àmì tó ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ so pọ̀. Ètò kan lè gé háṣítáàgì níbi àmì yẹn, òmíràn lè ka #Yoruba àti #Yorùbá sí ìsọ̀ méjì tí kò mọ ara wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2012, tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pe ọmọ Oòduà jọ láti fi èdè wọn kọ̀wé lójú Twitter fún odindi ọjọ́ kan, #tweetYoruba ni wọ́n lò láìsí àmì lórí, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bọ́ àmì kúrò, ohun mìíràn yọjú. Ọ̀rẹ́ mi àgbẹ̀ kan ń fi #oko sábẹ́ àwòrán iṣu rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó bá ọkọ tí ń fẹ́ni, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí ń na Ìwó, àti ọ̀rọ̀ kan tí a kì í pè láwùjọ àgbà. Ó yáa pa á rẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi àmì sí ọ̀rọ̀ inú gbólóhùn dáadáa, kí a kọ háṣítáàgì lásán láìsí àmì, kí a sì so ọ̀rọ̀ kejì mọ́ èyí tó bá ní ìtumọ̀ púpọ̀, bí #OkoIsu.

Ní ti ibi tí a ó fi wọ́n sí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣáájú. Instagram kì í fi ju nǹkan bí àmì-ọ̀rọ̀ 125 hàn kí ó tó ní kí a tẹ ibì kan ká tó lè rí ìyókù, ìlà àkọ́kọ́ yẹn sì jẹ́ ti aṣọ náà. Ìsàlẹ̀ ni ààyè wọn, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti parí. Àwọn kan ń fi wọ́n pamọ́ sínú èsì àkọ́kọ́ kí ojú ewé lè mọ́. Ṣùgbọ́n Adam Mosseri, ọ̀gá Instagram, ti ṣàlàyé ní ọdún 2021 pé inú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ló yẹ kí wọ́n wà bí a bá fẹ́ kí ìwádìí rí wọn. Òun náà ló ti sọ ní gbangba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé háṣítáàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ kún iye èrò tó ń rí àtẹ̀jáde. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kí ó fi ọjà hàn ẹni tó ti ń wá a tẹ́lẹ̀.

Aṣọ náà tà ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ọmọ mi bi obìnrin tó rà á bó ṣe rí òun. Kì í ṣe ojú háṣítáàgì kankan ló gbà wá: “Ìbàdàndùn” ló kọ síbi ìwádìí, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sì rí.