Àárẹ̀ Iṣẹ́ ní Wọ́ọ̀dù: Òótọ́ àbí Irọ́?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó sì jáde láyé. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ibẹ̀ kọ lẹ́tà síta pé wákàtí 72 ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, oorun tó sì rí sùn níbẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́tà kò lè sọ ohun tó pa ènìyàn, èmi náà kò sì ní sọ ọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iye wákàtí bẹ́ẹ̀ kì í já bọ́ láti ojú sánmà. Inú rósítà ló ti ń wá, ẹni tó bá sì ní àṣẹ lórí rósítà lè yí i padà.

Àwa tí a wà ní Oto ń rí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà nítòsí wa nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, àwọn mìíràn sì ń wọkọ̀ ní Oyíńgbò kí ilẹ̀ tó mọ́ kí wọ́n lè dé Ìdí-Àràbà lákòókò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àárẹ̀ wọn, àwọn gbólóhùn kan wà tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò.

“Ọ̀lẹ ni àárẹ̀ iṣẹ́ ń mú.”

Irọ́ ni. Ẹni tí kò fi ọkàn sí iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ kì í pẹ́ wá ọ̀nà láti sá fún un. Ẹni tó ń gba kọ́ọ̀lù ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀, tí kì í sọ pé rárá, òun gan-an ló yẹ ká máa wò.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àárẹ̀ iṣẹ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àìsàn lẹ́sẹẹsẹ, ṣùgbọ́n wọn kò pè é ní àìsàn. Wọ́n ní ìnira iṣẹ́ tó pẹ́ lára tí a kò sì bójú tó ló ń bí i, wọ́n sì dárúkọ àmì mẹ́ta: okun a tán pátápátá, ọkàn a kúrò lára iṣẹ́ tàbí kí ènìyàn máa fi ojú burúkú wò ó, ohun tó sì ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ kò ní já geere mọ́.

Okun tó tán rọrùn láti rí, gbogbo ènìyàn ní Èkó ló sì ti rẹ̀. Nítorí náà, èyí èkejì ni mo máa ń ní kí olórí ẹ̀ka fojú sí jù. Dókítà tó máa ń pe aláìsàn ní “Màámi” tàbí “Bàbá” bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “bẹ́ẹ̀dì méje”. Ìwé tó ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀, tó máa ń kún ojú ewé kan, wá di ìlà méjì. Ẹni tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí kọnsọ́tántì bá ń yípo wọ́ọ̀dù kò béèrè mọ́. Ìbéèrè kékeré látọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì á mú un kanra. Àmì kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan kò jẹ́ ẹ̀rí, torí ó lè jẹ́ pé kò sùn dáadáa ni. Ìyípadà tó bá gbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára ẹnì kan náà, tàbí tó bá ń hàn lára ẹni méjì mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan náà, ti kọjá ọ̀rọ̀ ìwà. Tó bá ti kan ẹni mẹ́ta, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò, ẹ fi àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

“Ẹ fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò.”

Ìdajì òótọ́ ni. Ìsinmi ń dá okun padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n rósítà tó lé ènìyàn lọ sí ìsinmi náà ló ń dúró dè é. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù ló ń pín kọ́ọ̀lù ẹni tó lọ, nígbà tó bá sì fi máa dé, ó ti rẹ àwọn náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ̀ka kan ní dókítà márùn-ún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ojúmọ́ jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ márùn-ún, wákàtí 40. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà ní kọ́ọ̀lù lóru: wákàtí 16 ni lọ́jọ́ iṣẹ́ kan, wákàtí 24 lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àti lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo kọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ wákàtí 128. Tí ẹni márùn-ún bá pín in, nǹkan bíi wákàtí 66 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe lọ́sẹ̀. Ìyẹn gan-an ti pọ̀ jù. Wàyí o, ẹnì kan jápa lọ sí ìlú òyìnbó, ẹnì kan gba ìyípadà. Ó ku mẹ́ta. Wákàtí di nǹkan bíi 83, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ṣèpàdé pé ká fi kún iṣẹ́ wọn.

Nínú irú ẹ̀ka kékeré bẹ́ẹ̀ ni wákàtí 72 ti ń wáyé. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, tó gba gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà kí àwọn yòókù lè sinmi, tí kò sì kúrò títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, wákàtí 72 géérégé ló ṣe. Ìgbà mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ náà ló ń pín in báyìí fúnra wọn, nítorí pé òpin ọ̀sẹ̀ kan tó burú dára lójú wọn ju mẹ́ta tí kò pé lọ. Olórí tó bá sọ pé “àwọn ló fọwọ́ sí i” ń gbàgbé pé nínú ohun tí kò tó ni wọ́n ti yàn. Kí kọ́ọ̀lù àtẹ̀léra má kọjá wákàtí 24. Ohun tó yẹ kí a ti kọ sí òkè gbogbo rósítà tipẹ́ ni.

Kí ni olórí ẹ̀ka lè ṣe pẹ̀lú ẹni mẹ́ta yìí, láìsí owó tuntun? Kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹni tó jí mọ́jú máa lọ sílé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lẹ́yìn tó bá ti fi àwọn aláìsàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ìyẹn nìkan á fa wákàtí 83 sílẹ̀ sí nǹkan bíi 71. Lẹ́yìn náà, kó bá olórí ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí òun náà ní ẹni mẹ́ta, sọ̀rọ̀, kí àwọn mẹ́fà máa pín kọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Wákàtí ọ̀kọ̀ọ̀kan á sún mọ́ 55. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ sọ pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ga lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 sókè lọ́sẹ̀, tí a bá fi wọ́n wé àwọn tó ń ṣe 35 sí 40.

Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní ìnira tirẹ̀. Ẹnì kan tó ń ṣọ́ ẹ̀ka méjì lóru lè máa sáré láti òkè délẹ̀ láìjókòó rárá. Ìdí nìyí tí yíyọ iṣẹ́ kúrò fi gbọ́dọ̀ bá pínpín rẹ̀ rìn. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn fún òru kan, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣe sílẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù, ó wá káàdì aláìsàn kiri, ó lọ bẹ̀bẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀, ó sì tún ìwé kan náà kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tó nílò dókítà nínú wọn. Òṣìṣẹ́ kan tó ń gbé ẹrù láti wọ́ọ̀dù dé láàbù lóru á gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

“Tó bá le jù fún wọn, wọ́n á sọ.”

Irọ́ gbáà ni, ní ilẹ̀ wa pàápàá. Ta ni ọmọ tó máa wo kọnsọ́tántì lójú, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, tó máa sọ pé iṣẹ́ ti wọ òun lọ́rùn? Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́: “A dúpẹ́, sà. Kò sí wàhálà.” Ọ̀wọ̀ ni, ìbẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà olórí ló gbọ́dọ̀ lọ bá wọn, kó sì ní ọjọ́ tí kò ní yẹ̀.

Ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì tó, pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, lórí ìjókòó, níbi tí ẹlòmíràn kò ti gbọ́. Kì í ṣe lórí Wọ́sáàpù, kì í ṣe níwájú bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ẹ má kọ ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé ìgbéléwọ̀n wọn láé. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣé kò sí?”, torí “kò sí” náà ni wọn yóò fi dáhùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ béèrè: “Aago mélòó lo kúrò níbí lánàá?” “Iṣẹ́ wo lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí kò yẹ kó jẹ́ tìẹ?” “Tí mo bá lè yọ nǹkan kan kúrò lọ́rùn rẹ, kí ni kí n yọ?” Ọmọ tí kò lè sọ pé ó rẹ òun á sọ pé aago mẹ́jọ alẹ́ lòun kúrò, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ ń wá.

Ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà tó lé ní 2,800 fún ọ̀gá tó súnmọ́ wọn jù ní máàkì lórí ìbéèrè 12, bíi bóyá ó ń bi wọ́n ní èrò wọn, bóyá ó ń mọ rírì iṣẹ́ wọn. Àbájáde rẹ̀ tó jáde ní 2015 fi hàn pé bí máàkì ọ̀gá bá ṣe ń fi ẹyọ kan ga sí i nínú 60, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní pé àárẹ̀ iṣẹ́ á mú dókítà náà ń fi nǹkan bí ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ìwádìí yìí kò fi dá wa lójú pé ọ̀gá nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà, torí ẹni tó ti rẹ̀ lè fún ọ̀gá rere ní máàkì kékeré. Síbẹ̀ ó bá ohun tí ojú ń rí ní wọ́ọ̀dù mu.

Ibi tí ìjókòó yìí ti máa ń bàjẹ́ ni ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ káàdì, ọ̀gá ní òun á rí sí i, kò rí sí i, ọmọ náà sì padà sí “kò sí wàhálà, sà”. Ohun kékeré kan tí ẹ ṣe kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé sàn ju mẹ́wàá tí ẹ ṣèlérí rẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ padà lọ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.

“Àárẹ̀ iṣẹ́ ni, kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn.”

Ẹ má yára gbà á bẹ́ẹ̀. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti oyún tuntun ń mú ènìyàn rẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó jẹ́ àìsàn náà sì jọ ọ́ gan-an. Ọ̀nà kan láti fura ni pé àárẹ̀ iṣẹ́ máa ń fúyẹ́ díẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá jìnnà sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń tẹ̀ lé e délé, dé ibi ayẹyẹ, dé ìsinmi. Tí ẹnì kan kò bá gbádùn ohunkóhun mọ́, tí oúnjẹ àti oorun ti sá fún un, tàbí tó bá sọ pé ayé ti sú òun, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rósítà. Kí olórí bi í tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yìí kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kó má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kó sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ni kò fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà kí olórí bá a wá ibòmíràn tí ara rẹ̀ á balẹ̀ sí tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kó fi orúkọ ẹlòmíràn dípò tirẹ̀ nínú kọ́ọ̀lù ọ̀sẹ̀ náà, kó má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù.