Ṣé Ká Wó Ilé Àtijọ́ Ni, àbí Ká Tún Un Ṣe? Ìṣirò Èéfín Tó Wà Nínú Sìmẹ́ńtì àti Ródù

Ọ̀pọ̀ ìjọ àti ìdílé ló ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn àgbà ti kọ́ láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń fi ṣe ilé kéú tàbí gbọ̀ngàn ìpàdé. Páànù rẹ̀ ti ń jò, ara ògiri ti ń ṣí, fèrèsé rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Bí owó bá wọlé, ohun tí ìgbìmọ̀ máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ tuntun síbẹ̀. Wọ́n á ṣírò owó, wọ́n á ṣírò oṣù tí iṣẹ́ náà máa gbà. Ohun tí wọn kì í sábà ṣírò ni iye èéfín tí ilé tuntun náà máa rán lọ sójú sánmà kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀.

Èéfín yìí ni a lè pè ní kábọ́ọ̀nù inú ilé. Kì í ṣe èyí tó ń jáde nígbà tí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Èyí tó ti jáde ní iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ní iléeṣẹ́ irin àti lẹ́yìn ọkọ̀ tó kó ẹrù wá ni.

Ibi tí èéfín náà ti ń wá

Sìmẹ́ńtì ló ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á wà á nílẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ẹwẹ́kórò àti Ìbèṣè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sun ún nínú iná tó gbóná tó 1,450 dígírì. Ohun tí wọ́n fi dá iná náà ní èéfín tirẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ju ìdajì lọ kì í ti ara iná wá. Inú òkúta náà gan-an ló ti ń jáde. Bí a bá sun tọ́ọ̀nù 1 òkúta ẹfun tó mọ́ gaara, nǹkan bí kílò 440 nínú rẹ̀ ló máa di afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, tí yóò gòkè lọ. Nítorí náà, kódà bí iléeṣẹ́ náà bá rí iná tí kò ní èéfín rárá lò, èyí tó wà nínú òkúta yóò ṣì jáde.

Bí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, àpò sìmẹ́ńtì 1 tó wọn kílò 50 ti rán nǹkan bí kílò 35 afẹ́fẹ́ yìí jáde kó tó dé ọjà. Ródù náà ní tirẹ̀: tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ lè mú tọ́ọ̀nù 1 sí 2 jáde. Èyí tí wọ́n fi irin àlòkù yọ́ kéré sí èyí tí wọ́n ṣe láti inú erùpẹ̀ irin.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ilé kan

Ẹ jẹ́ ká mú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alágbékà kan, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10 sí mítà 20, tí òkè rẹ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Ìpìlẹ̀, òpó, bíìmù, àtẹ̀gùn àti dẹ́kìn rẹ̀ lè gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ńtì 650. Búlọ́ọ̀kù ògiri, tó tó 5,000, lè gba 150. Títo búlọ́ọ̀kù náà àti rírẹ́ ògiri lè gba 150 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àpò 950. Bí a bá fi 35 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní tọ́ọ̀nù 33. Ródù inú rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù 8, èyí tí a lè ka èéfín rẹ̀ sí tọ́ọ̀nù 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 45.

Bí a bá wá tún ti àtijọ́ ṣe ńkọ́? Páànù tuntun, fèrèsé tuntun àti ọ̀dà kò sí nínú ìṣirò yìí, torí pé a máa rà wọ́n lọ́nà méjèèjì. Ìyókù ni rírẹ́ ibi tó ti ṣí, dídí ojú ibi tó ti là, àti fífi ródù àti kọnkéré kún àwọn bíìmù tó ti rẹ̀. Ká sọ pé ó gba àpò 120 àti ìdajì tọ́ọ̀nù ródù. Èéfín rẹ̀ kò ju tọ́ọ̀nù 5 lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ tọ́ọ̀nù 40.

Lítà epo pẹtiróòlù 1 tó bá jó nínú jẹnẹrétọ̀ ń mú nǹkan bí kílò 2.3 afẹ́fẹ́ yìí jáde. Tọ́ọ̀nù 40 jẹ́ èéfín lítà epo tó lé ní 17,000. Ẹni tó ń jó lítà 8 lójoojúmọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún 6 kó tó jó o tán.

Ẹ kíyè sí i pé èéfín ilé àtijọ́ ti lọ tipẹ́. A kò lè fi títọ́jú ilé náà dá a padà. Ohun tí a ń gbà sílẹ̀ ni èéfín ilé tuntun tí a kò kọ́. Àwọn kan á ní a ṣáà lè lo àfọ́kù ilé náà. Òótọ́ ni pé a lè fi dí kòtò tàbí fi rọ́pò òkúta, a sì lè ta ródù rẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ṣùgbọ́n òkúta kọ́ ló ní èéfín púpọ̀, sìmẹ́ńtì ni, sìmẹ́ńtì tó ti gan kò sì ṣeé pò mọ́.

Bí ilé tuntun bá tutù ju ti àtijọ́ lọ ńkọ́?

Èyí ni àwíjàre tó lágbára jù lọ fún àwọn tó fẹ́ wó o. Ká gbà pé ilé tuntun yóò dín lítà epo 2 kù lójoojúmọ́ nítorí pé atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Yóò gbà á tó nǹkan bí ọdún 24 kó tó san gbèsè tọ́ọ̀nù 40 yẹn. Gbèsè náà sì ti wọlé lódindi lọ́dún tí a kọ́ ọ, nígbà tí èrè rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, sílìn tó nípọn, páànù tó funfun àti fèrèsé tó kọjú síra wọn ṣeé fi sára ilé àtijọ́ pẹ̀lú. Mọ́sáláṣí Ṣítà-Bèé ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì ń gba olùkírun títí di òní.

Ìgbà tí wíwó bá tọ́

Ìṣirò yìí kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni gbé inú ilé tó fẹ́ wó. Bí kọnkéré abẹ́ dẹ́kìn bá là gbọọrọ lójú ibi tí ródù gbà, tí omi rẹ́súrẹ́sú ń jáde níbẹ̀, ródù ti ń dípẹtà nínú. Ẹ fi òòlù kàn án: bí ó bá dún bí ohun tó ní ihò nínú, kọnkéré ti ṣí kúrò lára irin. Bí ògiri bá là ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́ sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan dí ojú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí òun náà bá là lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìpìlẹ̀ ṣì ń rìn nìyẹn.

Àmì lásán nìwọ̀nyí. Ẹnjiníà tó ní ìwé àṣẹ ló lè gé kọnkéré díẹ̀ lára òpó, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́, kí wọ́n lè mọ agbára rẹ̀. Bíríkìlà kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì ṣe fi àjà mìíràn kún orí ìpìlẹ̀ tí a kò ṣe fún un, torí ọ̀pọ̀ ilé ló ti wó báyìí.

Bí àyẹ̀wò bá ní òkè kò dára mọ́, kò túmọ̀ sí pé gbogbo rẹ̀ ti tán. Nínú ilé tí a ṣírò yìí, ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lè gba tó ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo kọnkéré. Bí wọ́n bá ṣì lágbára, orí wọn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, owó àyẹ̀wò ni kí ìgbìmọ̀ kọ́kọ́ san, kí wọ́n tó pe àwọn tó ń wólé.