Gbólóhùn Kan Tí Àròkọ Yín Máa Dúró Lé

Tí wọ́n bá ní ká kọ àròkọ lórí kókó ọ̀rọ̀ inú ìwé ìtàn kan, ọ̀pọ̀ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Kókó ọ̀rọ̀ inú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni ìgboyà." Kì í ṣe irọ́, àmọ́ orúkọ lásán lẹ dá yẹn. Kí wá ni Fágúnwà sọ nípa ìgboyà? Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni gbólóhùn ìpìlẹ̀, ìparí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ la sì sábà máa ń fi í sí.

Bá a ṣe ń rí i rèé. Ẹ wá ibi méjì nínú ìwé náà tí ìgboyà ti ṣiṣẹ́, tí àbájáde rẹ̀ ò sì dọ́gba. Nígbà tí Àkàrà-ògùn kọ́kọ́ wọ igbó, òun nìkan ló lọ. Ó láyà, ó sì ní oògùn, síbẹ̀ ẹ̀dá inú igbó kan mú un, ó ń gùn ún bí ẹṣin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àtàwọn akọni mìíràn bá a lọ, ẹbùn kálukú sì yàtọ̀. Wọ́n tún fi ọjọ́ méje gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèje.

Kí ló yí padà? Ìgboyà wà níbi méjèèjì. Ẹgbẹ́ àti ọgbọ́n ló wọlé lẹ́yìn. Ẹ wá lè kọ ọ́ báyìí: "Fágúnwà fi hàn pé ìgboyà ẹnì kan ò tó fún iṣẹ́ ńlá, àfi tí àjọṣe àti ọgbọ́n bá kún un."

Ẹ dán an wò. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣé ẹnì kan lè jiyàn? Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan lè ní oògùn ló ń gba Àkàrà-ògùn là. Ẹ ó dá a lóhùn pé oògùn yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gùn ún. Gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn sí, bí "ó yẹ ká nígboyà", ìwàásù ni, kò nílò ìwé kankan.

Ìkejì, ṣé apá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí? Ìrìn àdálọ di ìpínrọ̀ kan, àwọn akọni di ìkejì, Ìrágbèje di ìkẹta. Kàkó tó pa ìyàwó rẹ̀ torí pé ìyẹn ò fẹ́ kó lọ náà wúlò: ìgboyà tí kò ní ọgbọ́n nìyẹn. Apá tí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gbólóhùn náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kejì.