Ọrùn Ta Ni Gbèsè Ilé-iṣẹ́ Wà?

Bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù nílùú Ìbàdàn, ẹ óò rí ìwé ẹ̀rí àjọ CAC tí wọ́n fi gíláàsì bò, tí wọ́n gbé kọ́ sókè ibi tí wọ́n ti ń gbowó. Ẹni tó ni ín lè fọkàn balẹ̀ pé òun ti forúkọ ilé-iṣẹ́ òun sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fìyà gbèsè ọjà jẹ òun nílé. Àṣìṣe ńlá nìyẹn bó bá jẹ́ pé orúkọ òwò lásán ló fi sílẹ̀. Ìwé orúkọ òwò ń jẹ́ kí ayé mọ ẹni tó ń fi orúkọ náà tajà, ó sì ń jẹ́ kí báńkì ṣí àkáǹtì fún un. Kò pín olówò níyà kúrò lára gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọjà dẹnu kọlẹ̀ nígbà tó jẹ oní-fúláwà ní ₦6,000,000. Wọ́n ta ààrò, ẹ̀rọ ìpo-fúláwà àti jẹnẹrétọ̀, ₦2,000,000 ni gbogbo rẹ̀ mú wá. Ó ku ₦4,000,000.

Bó bá jẹ́ pé obìnrin kan ṣoṣo ló dá a ní, òun náà ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀. Bí oní-fúláwà bá jàre rẹ̀ ní kóòtù, owó tó fi pamọ́, ọkọ̀ tó fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé àti ilẹ̀ tó rà sí Mọ́níyà ò kọjá ohun tí wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé.

Ká wá ní òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀, tí wọ́n ń pín èrè sí méjì. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti wọ inú rẹ̀. Òfin ò béèrè pé kí ẹ kọ ìwé àdéhùn kó tó pè yín ní alájọṣe. Bí ẹ bá jọ ń ṣòwò, tí ẹ jọ ń pín èrè, ó lè tó. Ohun tí ọ̀kan bá sì ṣe lórúkọ òwò ti di ti èkejì. Bí ọ̀rẹ́ bá lọ gba fúláwà náà láwìn, tí kò sọ fún un, oní-fúláwà lè gba ₦4,000,000 náà látòkèdélẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá jẹ́ òun ni ọwọ́ tó. Òun ni yóò wá máa lé ọ̀rẹ́ kiri fún ₦2,000,000 tirẹ̀. Kódà ẹni tó bá kúrò nínú òwò láìsọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń rajà ṣì lè san gbèsè tí wọ́n jẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Límítẹ́ẹ̀dì yàtọ̀. Lójú òfin, ènìyàn mìíràn ni. Ní 1897, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba ló fìdí èyí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Aron Salomon, oníṣẹ́ bàtà ní Lọ́ńdọ̀nù: àwọn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ jẹ lówó fẹ́ kó san án fúnra rẹ̀, ilé-ẹjọ́ kọ̀. Nàìjíríà náà ń tẹ̀ lé e. Láti ìgbà òfin CAMA ti 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá Límítẹ́ẹ̀dì kékeré sílẹ̀, kí owó ṣíà rẹ̀ má ṣáà dín ní ₦100,000.

Ká ní àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí gba ṣíà ₦500,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí kálukú ti san ₦300,000 níbẹ̀. ₦200,000 tó kù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nìkan ni wọ́n lè bi í. Ìyẹn ₦400,000. Oní-fúláwà pàdánù ₦3,600,000, ilẹ̀ Mọ́níyà ò sì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n oní-fúláwà náà gbọ́n, báńkì gbọ́n jù ú lọ. Kí wọ́n tó yá Límítẹ́ẹ̀dì kékeré lówó, wọ́n á ní kí ọ̀gá ibẹ̀ fọwọ́ sí ìwé onígbọ̀wọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ìgbà tó bá ti fọwọ́ sí i, gbèsè yẹn ti padà sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá rajà láwìn lórúkọ ara rẹ̀ dípò orúkọ ilé-iṣẹ́, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ilé-iṣẹ́ lu jìbìtì.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé ẹ̀yáwó síwájú yín, ẹ wá ojú ewé tó ti sọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà láti yọ ọ́ kúrò, ẹ ní kí wọ́n kọ iye owó tí ìgbọ̀wọ́ yín ò gbọdọ̀ kọjá àti ọjọ́ tí yóò parí síbẹ̀, kí ẹ tó mú bírò.