Ibi tí Ìgbì Ò Lè Kọjá

To ogún kẹ̀kẹ́ kékeré sórí irin gígùn tó ń dán, kí o sì fi sípíríǹgì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Kẹ̀kẹ́ kan wúwo tó 100 gíráàmù, àlàfo láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì sì jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Sípíríǹgì wọn rọ̀: bí o bá so kẹ̀kẹ́ kan rọ̀ sí ìdí ẹyọ kan, yóò fi nǹkan bí 10 sẹ̀ǹtímítà gùn sí i. Gbogbo kẹ̀kẹ́ dọ́gba, gbogbo sípíríǹgì dọ́gba.

Di kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ mú, kí o máa tì í síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Á ti èkejì, èkejì á ti ẹ̀kẹta, ìgbì á sì gbéra. Kẹ̀kẹ́ kankan ò rìn jìnnà síbi tó wà. Ìmì wọn ló ń lọ. Láti ibi tí wọ́n ti fún mọ́ra jù dé ibi tí wọ́n tún ti fún mọ́ra jẹ́ 197 sẹ̀ǹtímítà, bíi kẹ̀kẹ́ mẹ́wàá. Ìyẹn ni gígùn ìgbì náà. Eré rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá.

Wá mì ín lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ká ní ohùn nínú afẹ́fẹ́ ni, gígùn ìgbì ì bá dín sí ìdajì gééré, eré rẹ̀ ì bá má yí padà. Níbí, eré náà ti wálẹ̀ sí mítà 1.85. Lẹ́ẹ̀mẹta, ó di 1.5, gígùn ìgbì ò sì ju 51 sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí ọwọ́ ṣe ń yá sí i ni ìgbì ń falẹ̀. Ohun tó ń dá kẹ̀kẹ́ padà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì. Bí ìgbì ṣe ń kúrú, ìyàtọ̀ yẹn ń pọ̀ sí i, àmọ́ ó ní ibi tó mọ: aládùúgbò ò lè ṣe ju kó kọjú sí òdìkejì pátápátá lọ.

Ibẹ̀ ni òpin wà, èèyàn sì lè ṣírò rẹ̀ láìlo ìṣirò ńlá. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ kan bá ń lọ sápá ọ̀tún tí èyí tó tẹ̀ lé e ń lọ sápá òsì, agbedeméjì sípíríǹgì tó wà láàárín wọn ò ní mì rárá. Ó dà bíi pé a kàn án mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìdajì sípíríǹgì ló kù fún kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, ìdajì sípíríǹgì sì le ní ìlọ́po méjì odindi. Méjì nínú irú rẹ̀ ló wá di kẹ̀kẹ́ mú, nítorí náà ó le ní ìlọ́po mẹ́rin. Fún tiwa, èyí já sí ìgbà 3.18 ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí a bá pe òpin náà ní f₀, tí àlàfo kẹ̀kẹ́ jẹ́ a, tí gígùn ìgbì jẹ́ λ, òfin tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ nìyí:

f = f₀ sin(πa/λ)

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ bí o bá mì ín lẹ́ẹ̀mẹrin? Kẹ̀kẹ́ tí o dì mú lọ 4 sẹ̀ǹtímítà, èyí tó tẹ̀ lé e lọ 1 péré sí òdìkejì, ẹ̀kẹta lọ ìdá mẹ́rin sẹ̀ǹtímítà. Kò tó kẹ̀kẹ́ mẹ́fà kó tó parẹ́. Agbára náà ò sọnù o: ohun tí o bá tì wọlé, sípíríǹgì á tì í padà sí ọ ní ọwọ́.

Tí o bá fẹ́ fojú rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbá kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìmì ló wà nínú gbígbá yẹn. Lápá ibi tó jìnnà, ìtì pẹ̀lẹ́ ló máa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni gbígbọ̀n kéékèèké á máa tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ṣọ́ ìparí: bí o bá so ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ìgbì á padà wá pàdé èyí tó ń lọ, àwọn kẹ̀kẹ́ kan á dúró sójú kan, o ò sì ní rí gígùn ìgbì wọ̀n bó ṣe yẹ. Sípíríǹgì tó wúwo náà máa ń ba ìṣirò jẹ́, nítorí ìgbì tirẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Wáyà tẹlifóònù ti jẹ nínú òfin yìí. Ní nǹkan bí 1899 sí 1900, George Campbell àti Michael Pupin ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí fífi wáyà tí a ká mọ́ irin sí ojú ọ̀nà tẹlifóònù, ní àlàfo tó dọ́gba, kí ohùn má baà tètè rọ. Wáyà kíká yẹn kì í jẹ́ kí iná tètè yí padà, bí ìwúwo kẹ̀kẹ́ kì í ti í jẹ́ kó tètè mì; iná tó ń kó jọ láàárín wáyà méjèèjì ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Irú èyí tó gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà wà ní nǹkan bí kìlómítà 1.8 síra wọn, òpin rẹ̀ ò sì tó ìmì 4,000 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn tó fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì oníyàrá wá dé orí wáyà kan náà, tó ń lo ìmì tó lé ní 25,000, kò sí ìkankan tó kọjá, àfi kí òṣìṣẹ́ lọ yọ àwọn wáyà kíká náà kúrò. Ẹni tó bá ń yẹ ojú ọ̀nà wò lè mọ̀ láìtú u: wáyà lásán máa ń fa ohùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìmì ṣe ń pọ̀, àmọ́ èyí tó ní wáyà kíká á gbé e dọ́gba títí dé nǹkan bí 3,000, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ gbàà.