Ẹgbàafà Náírà fún Ogún Ọjọ́

Ní Ṣómólú, l'Ékòó, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké láti àárọ̀ títí di alẹ́, àwìn ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ń wọlé. Ilé-ìwé á ní kí wọ́n tẹ ìwé àkọsílẹ̀ fún òun, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé e lọ, owó á wá di "tó bá di ìparí oṣù." Ẹni tó ń ta bébà kò mọ ìyẹn ní tirẹ̀, owó ọwọ́ ló ń gbà. Láàárín ọjọ́ tí ìwé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí owó dé ni ojú ti ń pọ́n òǹtẹ̀wé. Ohun tí àwọn mìíràn ń ṣe sí i ni pé wọ́n á fi ìmeèlì kúkurú ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn àtọjọ́mọ́jọ́ pé, bó bá sanwó kí ọjọ́ báyìí tó kọjá, àwọn á yọ díẹ̀ fún un.

Lórí ínífọ́ìsì àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ẹ lè rí i kí wọ́n kọ ọ́ ṣókí báyìí: 2/10, net 30. Ẹni tó bá sanwó láàárín ọjọ́ mẹ́wàá á yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ á san gbogbo rẹ̀ kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé.

Ká ní òǹtẹ̀wé kan kó ìwé àkọsílẹ̀ tó jẹ́ ₦600,000 fún ilé-ìwé aládàáni tó ti ń bá a rajà tipẹ́. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Bí ilé-ìwé bá tètè san, ₦588,000 ni. Lójú, ẹgbàafà kò tó nǹkan lára owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú èrè ló ti ń jáde. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn bébà, íńkì, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó òṣìṣẹ́, ₦60,000 ló kù sọ́wọ́ òǹtẹ̀wé, a jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún èrè rẹ̀ ló fi sílẹ̀ yẹn.

Kí ló wá fi rà? Ogún ọjọ́ péré: láti ọjọ́ kẹwàá sí ọgbọ̀njọ́. Bí a bá ka ₦12,000 yẹn sí èlé lórí ₦588,000, tí a sì fi irú ìṣirò kan náà yípo ọdún, ó lé ní ìdá 37 nínú 100. Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í dúró ṣírò nìyẹn. Wọ́n ti gbọ́ pé báyìí ni àwọn kan ń ṣe, àwọn náà á ní àwọn ń yọ ìdá márùn-ún.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ bóyá ó tọ́ ni kí òǹtẹ̀wé béèrè iye tí ogún ọjọ́ yẹn ì bá ná òun níbòmíràn. Ká ní ó lè yá ₦588,000 ní èlé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù láti fi ra bébà fún iṣẹ́ tó kàn. Èlé ogún ọjọ́ á jẹ́ ₦11,760, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó náà. Bó bá jẹ́ ìdá márùn-ún lóṣù ni ayánilówó ń gbà, èlé á di ₦19,600, ó sàn kó fún ilé-ìwé ní ₦12,000. Bó bá sì jẹ́ pé owó wà nílẹ̀ tí kò ní í yá kọ́bọ̀, kí ló ń wá níbi ẹ̀dínwó?

Kó tún ṣí ìwé àkáǹtì rẹ̀ wò, kó wo ọjọ́ tí ilé-ìwé náà san àwọn ínífọ́ìsì tó ti kọjá. Èyí ṣe pàtàkì ju ìṣirò èlé lọ. Oníbàárà tó máa ń san lọ́jọ́ kejìlá kò ní ogún ọjọ́ kankan láti tà. Ọjọ́ méjì péré ni òǹtẹ̀wé máa fi ẹgbàafà rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó máa ń wọ́ ọ dé ọjọ́ karùndínlógójì ni kí ó kọ ìmeèlì sí. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

"Ínífọ́ìsì 0147: ₦588,000 títí di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù kẹta

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. A kó ìwé àkọsílẹ̀ yín dé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ínífọ́ìsì rẹ̀, ₦600,000, sì wà pẹ̀lú ìmeèlì yìí. Nítorí pé ẹ ti ń bá wa ṣe tipẹ́, bí owó náà bá wọ àkáǹtì wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12 oṣù kẹta, ọdún 2026, tó lù, ₦588,000 lẹ máa san. Lẹ́yìn ìgbà náà, ₦600,000 ni, ọjọ́ tí ó yẹ kó wọlé sì ni Ọjọ́rú, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin. Ínífọ́ìsì 0147 nìkan ni ẹ̀dínwó yìí wà fún, bí kò bá sí gbèsè àtẹ̀yìnwá nílẹ̀. Àkáǹtì wa kò yí padà, èyí tí ẹ ti ń san sí náà ni. Ẹ ṣeun mà."

Ẹ wò ó pé kò kọ "láàárín ọjọ́ mẹ́wàá." Bí ó bá kọ bẹ́ẹ̀, òǹtẹ̀wé á ka ọjọ́ láti ọjọ́ tó wà lórí ínífọ́ìsì, bọ́sà á kà á láti ọjọ́ tó ka ìmeèlì, olówó ilé-ìwé á sì yọ Sátidé àti Sọ́ńdè kúrò. Ọjọ́ kan pàtó, pẹ̀lú aago, kò fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn. Iye owó méjèèjì náà wà níbẹ̀ ní kíkà, kí bọ́sà má baà jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò.

"Wọ àkáǹtì wa" náà nídìí. Tiransífáà sábà máa ń dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ nígbà míì báńkì á ti yọ owó lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, álẹ́ẹ̀tì ò sì ní í dún níbi tó ń lọ. Chéèkì kì í di owó lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Bí oníbàárà àtọjọ́mọ́jọ́ bá fi ẹ̀rí hàn pé òun ti fi owó ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin, kí òǹtẹ̀wé gbà á fún un, èmi ò rí ohun tó le níbẹ̀. Chéèkì tí wọ́n kọ ọjọ́ iwájú sí ni kó kọ̀.

Ọ̀rọ̀ gbèsè àtẹ̀yìnwá ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ilé-ìwé jẹ ₦150,000 láti táàmù tó kọjá, wọ́n wá fi ₦588,000 ránṣẹ́. Òǹtẹ̀wé á kọ́kọ́ fi pa gbèsè ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ilé-ìwé á ní ti tuntun làwọn san. Gbólóhùn kan nínú ìmeèlì ló ń pa iná yẹn.

Àkáǹtì tí kò yí padà ńkọ́? Ìmeèlì tó ń sọ pé "ẹ tètè sanwó, owó ti dínkù" jọ èyí tí àwọn oníjìbìtì ń kọ nígbà tí wọ́n bá wọ inú ìmeèlì olówò, àfi pé tiwọn máa ń ní nọ́ńbà àkáǹtì tuntun nínú. Kí òǹtẹ̀wé má ṣe fi ìyípadà àkáǹtì àti ẹ̀dínwó sínú lẹ́tà kan náà láé. Bọ́sà tó bá sì rí irú rẹ̀ gbà, kó pe nọ́ńbà fóònù tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó má pe èyí tó wà nínú lẹ́tà.

Ó wá ku ẹni tó san ₦588,000 lọ́jọ́ 18. Èyí wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí òǹtẹ̀wé bá dákẹ́, ọjọ́ 12 ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó kọ̀wé padà pé, "A rí ₦588,000 gbà mà, ẹ ṣeun. Ọjọ́ ẹ̀dínwó ti kọjá, nítorí náà ó ku ₦12,000 lórí ínífọ́ìsì 0147." Bí ó bá fẹ́ dárí jì wọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fi ẹgbàafà náà sílẹ̀ fún ìgbà yìí nìkan. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó yọ ẹ̀dínwó kúrò lórí ínífọ́ìsì tó bá tẹ̀lé e, kí iye owó kan ṣoṣo àti ọgbọ̀n ọjọ́ dúró níbẹ̀.